Aago Ọlọ́gbọ́n àti Ọ̀já Ọwọ́: Èwo Ni Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Rà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń so mọ́ ọwọ́ báyìí láti ka ìṣísẹ̀, lílù ọkàn àti oorun wọn. Èkíní ni aago ọlọ́gbọ́n tí ó dà bí fóònù kékeré. Èkejì ni ọ̀já ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti aago. N ó fi Apple Watch SE àti Xiaomi Smart Band 9 ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ bátìrì wò. Wákàtí 18 ni àwọn tí ó ṣe aago náà sọ pé yóò lò. Ọjọ́ 21 ni àwọn tí ó ṣe ọ̀já sọ. Ojú aago tóbi, ó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀, ó sì ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀; gbogbo èyí ní ń jẹ iná. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ọjọ́ 21 gbọ́ tán. Bí ojú ọ̀já bá ń tàn láìdákẹ́, ó lè dín sí ìdajì.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gbé ilé tí iná kì í dé àfi lóru. Lóṣù, yóò fi aago sí iná bí ìgbà 30, ṣùgbọ́n ọ̀já kò ní ju ìgbà mẹ́ta lọ. Bí aago bá sì wà lórí iná lóru, ta ni yóò ka oorun rẹ̀? Bí iná kò bá dé fún ọjọ́ méjì, aago yóò kú.

Ní ti owó, dọ́là 249 ni wọ́n pe aago yìí ní Amẹ́ríkà ní 2022. Iye náà tó ra ọ̀já márùn-ún. Aago yìí kò sì bá fóònù Android ṣiṣẹ́ rárá.

Ọ̀já náà ní àléébù tirẹ̀. Kò lè gba àmì sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi fóònù sílé, ìṣísẹ̀ ni yóò fi díwọ̀n ọ̀nà. Bí ó bá ka ìṣísẹ̀ kan sí sẹ̀ńtímítà 70, tí tiyín sì jẹ́ 63, ìṣísẹ̀ 10,000 yóò di kìlómítà 7 dípò 6.3. Láti dán an wò, ẹ rin pápá ìsáré oní-mítà 400 yípo nígbà márùn-ún ní ẹsẹ̀ ìlà inú. Kìlómítà 2 ni ó yẹ kí ẹ rí.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní iPhone, tí iná rẹ̀ dúró déédé, tí ó sì ń sáré láìmú fóònù dání, aago yẹ ẹ́. Ní tèmi, ọ̀já ni mo fara mọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa.