Nígbà Tí A Bá Pa Aago Inú Ṣíìpù

Aago inú ṣíìpù fóònù kì í sọ àkókò fún ẹnikẹ́ni. Iná tó ń lọ sókè tó ń wálẹ̀ ni, bílíọ̀nù kan ìgbà láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan bó bá jẹ́ gigahẹ́ẹ̀tìsì kan. Àwọn ibi ìpamọ́ kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú 0 tàbí 1, ń wo ojú rẹ̀. Bó bá ti gòkè ni wọ́n ń gba ohun tuntun wọlé.

Wáyà tó ń gbé aago yìí káàkiri pọ̀, gbogbo ìlù aago ló sì ń gba iná sára tó tún ń tú u dànù. Ní ọ̀pọ̀ ṣíìpù, ó lè jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́ta iná tí iṣẹ́ ń ná. Bí ẹni tó ni fóònù bá ń ka àtẹ̀jíṣẹ́, apá tó ń ya fídíò ò níṣẹ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ aago rẹ̀ ń lù. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń ti aago mọ́ apá tí kò níṣẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni géètì kan lójú ọ̀nà aago: bí àṣẹ bá jẹ́ 1, aago kọjá, bó bá jẹ́ 0, kò kọjá. Ó léwu. Bí àṣẹ bá yí padà nígbà tí aago ṣì wà lókè, ìlù á gé kúrú. Àwọn ibi ìpamọ́ kan á rí i, àwọn mìíràn ò ní rí i. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń kà láti 7 sí 8. 0111 ni 7, 1000 ni 8. Bó bá ṣe pé bíìtì àkọ́kọ́ nìkan ló rí ìlù kúkúrú náà, 1111 la ó bá níbẹ̀, ìyẹn 15. Ó tún burú pé àṣìṣe yìí lè má hàn nígbà tí ṣíìpù tutù, kó wá yọjú nígbà tó bá gbóná.

Nítorí náà, wọ́n ń fi láàṣì ṣíwájú géètì. Ìgbà tí aago bá wà nílẹ̀ nìkan ni láàṣì ń jẹ́ kí àṣẹ tuntun wọlé. Bí aago bá ti gòkè, àṣẹ ò lè yí padà mọ́. Ìlù kúkúrú ò sí mọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ gbọ́dọ̀ dé kí aago tó gòkè, àyè tó sì ní kéré ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlù kan sí èkejì jẹ́ 1000 pikosẹ́kọ́ǹdì. Ká ní aago dé géètì ní 100, kó tó dé àwọn ibi ìpamọ́ ní 300, torí pé wáyà ṣì wà láàárín wọn. Ibi ìpamọ́ kan náà ló ń fi àṣẹ ránṣẹ́, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó di 300. Ìlù tó kàn á dé géètì ní 1100. 800 ló kù. Bí láàṣì bá fẹ́ kí àṣẹ ti fìdí múlẹ̀ ní 50 ṣáájú, 750 péré ni àṣẹ ní láti fi rìn. Ọ̀nà tó bá gba 800 kì bá ti ṣe nǹkan kan láàárín ibi ìpamọ́ méjì. Níbí, ó ti pẹ́ jù.

A lè sún géètì sún mọ́ àwọn ibi ìpamọ́, kí àṣẹ lè rí àyè. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe sún mọ́ wọn tó ni géètì tí a nílò ń pọ̀ sí i, gbogbo wáyà tó wà lókè géètì á sì máa jẹ iná lọ bí ti tẹ́lẹ̀. Géètì fúnra rẹ̀ náà ń jẹ iná, nítorí náà wọn kì í sábà fi sí iwájú bíìtì kan tàbí méjì.