Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Lédè Faransé fún Èbúté Kútọnu

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ètò ẹrù ní èbúté Kútọnu, yóò fi lẹ́tà ojú ìwé kan lédè Faransé mọ́ ìwé ìtàn ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀. Orí lẹ́tà náà àti ìdí rẹ̀ kò gba àrà. Àdírẹ́sì ẹni tó ń kọ ọ́ wà lápá òsì, ti ilé-iṣẹ́ wà lápá ọ̀tún, ìlú àti ọjọ́ sì tẹ̀ lé e. Bí a kò bá mọ ẹni tí yóò kà á, a ó kí ìyáàfin, a ó kí ọ̀gbẹ́ni. Bó bá jẹ́ ọ̀gá àgbà ni, oyè rẹ̀ la ó fi kí i, a kì í dárúkọ rẹ̀.

Àárín ni òmìnira wà. Ìpínrọ̀ mẹ́ta ni àwọn olùkọ́ Faransé sábà máa ń là sílẹ̀: ẹ̀yin, èmi, àwa. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́bìnrin kan láti Ṣàkétẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kò yin èbúté náà lásán. Ó kọ ọ́ pé apá kan ẹrù tó ń gúnlẹ̀ níbẹ̀ ń kọjá lọ sí àwọn ilẹ̀ tí kò ní òkun, nítorí náà iṣẹ́ kò parí nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bá já ẹrù sílẹ̀.

Ìpínrọ̀ kejì ló ṣòro jù. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ pé àwọn jẹ́ aláápọn, pé àwọn fẹ́ràn iṣẹ́. Ta ni kò lè kọ ìyẹn? Ọmọ Ṣàkétẹ́ yìí sọ ohun tó ṣe nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde. Kọ̀ǹténà ìrẹsì kan ń lọ sí Niamey. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fún wọn kò bá ti ìwé olùtajà mu. Ó rí i kí wọ́n tó gbé ìwé náà lọ bá àwọn aṣọ́bodè, wọ́n sì ní kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tún un ṣe. Bí kò bá rí i ni, wọn ì bá dá ẹrù náà dúró, àwọn ọjọ́ tí kọ̀ǹténà fi ń jókòó lọ́fẹ̀ẹ́ ì bá tán, owó ì bá sì máa gorí owó lójoojúmọ́. Ọ̀gá èbúté tó bá ka èyí mọ̀ pé ẹni náà ti fojú kan iṣẹ́.

Ìpínrọ̀ kẹta kúrú: ohun tó lè bá wọn ṣe, àti ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Nínú ìkíni ìdágbére ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀. Wọ́n á kọ “ní ríretí ìpè yín”, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú “ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ìkíni mi”. Nínú gírámà Faransé, ọ̀gá tó ń gba ìkíni ló wá di ẹni tó ń retí. Kí ó kọ ọ́ pé òun ni òun ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba ìkíni, kó sì tún oyè tó fi kí wọn lókè pè gẹ́lẹ́.

Bí ọmọ yín bá ń kọ irú lẹ́tà yìí, ẹ ní kó ka ìpínrọ̀ kejì sí yín létí. Bí ẹ kò bá gbọ́ ẹrù kankan nínú rẹ̀, ẹ ní kó tún un kọ.