Ọrùn Búbá: Ṣé Kí Aránṣọ Pe Oníbàárà Ni?

Oníbàárà gbé léèsì aṣọ ẹbí wá, ó ní, "Ẹ bá mi rán ìró àti búbá," ó sì ti lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí aránṣọ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó rí i pé obìnrin náà kò sọ bí ọrùn búbá yóò ṣe fẹ̀ tó, kò sì sọ bí apá yóò ṣe gùn tó.

Ti apá kò le. Bí ó bá fi ínṣì 2 sílẹ̀ nínú ìṣẹ́tí, apá ṣeé tú gùn, ó ṣeé ká kúrú. Kí ó yan èyí tó bá ojú mu; ìnira oníbàárà kò ju kó padà wá fún àtúnṣe.

Ọrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àlùmọ́gàjí bá ti gé e fẹ̀ jù, kò ṣeé dá padà, léèsì náà sì lè ti tán lọ́jà. Ìyẹn ló yẹ kí ó pè lé lórí.

Síbẹ̀, ìpè náà ń gba nǹkan lọ́wọ́ oníbàárà: ó ń dí i lọ́wọ́ iṣẹ́, bí kò bá sì gbé fóònù, ọjọ́ òde ń sún mọ́lé. Nítorí náà, kí ìbéèrè jẹ́ èyí tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tó fún: "Mo fẹ́ gé ọrùn rẹ̀ bíi ti búbá yín tó kọjá, ṣé kí n gé e?" Kó tó dáhùn, kí aránṣọ máa rán ìró lọ. Bí ìdáhùn kò bá dé, kí ó gé ọrùn kéré, nítorí èyí tó kéré ṣì ṣeé fẹ̀.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ti ọrùn kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.