Yorùbá abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: bí a ṣe lè rí i kí lẹ́tà tó kúrò lọ́wọ́ ẹni

Ẹ wo lẹ́tà kékeré kan, irú èyí tí ẹni tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ nítorí ìwé-ẹ̀rí tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyí: “Mo ti wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Mo bá obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bísí. Mo bi í pé ìgbà wo ni ìwé-ẹ̀rí mi yóò jáde. Kò dáhùn.” Kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Ó wá gbé e kalẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí: “I have come to your office last Monday. I met a woman that her name is Bisi. I asked her that when will my certificate come out. She did not answered.”

Gbólóhùn mẹ́rin, kò sí ọ̀kan tó yè. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe òpè. Sípẹ́lì rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ tó yàn sì bá ohun tó fẹ́ sọ mu. Ìlànà Yorùbá ló fi to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ èdè ti yẹ irú nǹkan báyìí wò tipẹ́: ìfiwéra ìlànà Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì ni Ayọ̀ Bánjọ, tó padà di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn, fi gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1969. Ohun tí irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ ká rí ni pé àṣìṣe wọ̀nyí ní ojú-ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, ẹni tó bá mọ ojú-ọ̀nà náà lè dúró síbẹ̀ dè wọ́n.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ojú-ọ̀nà tó fẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pààrọ̀ ara nítorí àkókò. “Lọ” tí a lò fún àná náà ni a ó lò fún ọ̀la. Àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké tó ń ṣáájú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà: ti, ń, máa, yóò, kò. Nígbà tí a bá ń túmọ̀, ọwọ́ wa máa ń yá láti wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo fún wúnrẹ̀n kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni “ti” ti di “have”. Ṣùgbọ́n “ti” lè bá àná gbé inú gbólóhùn kan láìsí ìjà. “Mo ti lọ síbẹ̀ lánàá” dára. “Have” kì í bá ọjọ́ tí ó ti parí gbé. Nítorí náà, níbikíbi tí a bá ti kọ “have” tàbí “has”, kí a wá inú gbólóhùn yẹn bóyá “yesterday”, “last Monday”, “two years ago” tàbí “in 2019” wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà, kí a yọ “have” kúrò, kí a sì lo ìrísí kejì ọ̀rọ̀-ìṣe náà nínú díṣọ́nárì: come, came, come. “I came to your office last Monday.”

“Ń” tún fẹ́ ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. “Màmá mi ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀” lè jẹ́ pé ó wà lórí ìsọ̀ nísinsìnyí, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń jẹun nìyẹn, bó tilẹ̀ ń sùn nílé lọ́wọ́lọ́wọ́. “My mother is selling cloth at Dugbe” kò ní ju ìtumọ̀ àkọ́kọ́ lọ lójú ẹni tó ń kà á. Èkejì ni “My mother sells cloth”, pẹ̀lú “s” tí a máa ń gbàgbé nítorí pé “ta” wa kì í so nǹkan kan mọ́ra, ì báà jẹ́ èmi tàbí òun ni. Ọ̀wọ̀ náà sì máa ń dá sí i: ẹni tó bá ń pe ìyá rẹ̀ ní “wọ́n” lè kọ “they” fún ẹnì kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì tẹ̀ lé “they” náà.

“Did not answered” yàtọ̀ díẹ̀. Kò sí gbólóhùn Yorùbá tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá, ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe sọ ọ́, láìmọ̀ pé “did” ti gbé ẹrù àkókò náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e. Lẹ́yìn did, does, will, can, must àti “to” tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ìrísí àkọ́kọ́ nínú díṣọ́nárì ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: “did not answer”.

Ó ku ètò ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn “pé”, Yorùbá máa ń fi ìbéèrè sílẹ̀ bí a ṣe bèèrè rẹ̀ gan-an: mo bi í pé ìgbà wo ni yóò jáde. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí “asked” tàbí “don’t know” bá ti ṣáájú, ìbéèrè ti di apá kan nínú gbólóhùn ńlá. “That” gbọ́dọ̀ kúrò, olùwà gbọ́dọ̀ padà síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, àmì ìbéèrè kò sì ní í sí níparí. Nígbà tó sì jẹ́ pé bíbéèrè náà ti kọjá, “will” á di “would”: “I asked her when my certificate would come out.” Ọ̀rọ̀ Bísí ni tirẹ̀ rọrùn. “Tí orúkọ rẹ̀” jẹ́ “tí” àti “rẹ̀”. Gẹ̀ẹ́sì pa méjèèjì pọ̀ sínú “whose”. Bí a bá rí “that her”, “that his” tàbí “that their” lẹ́yìn orúkọ ènìyàn tàbí nǹkan, kí a dúró wò ó dáadáa.

Báwo ni a ṣe wá ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sókè kí wọ́n gbọ́ bó ṣe dún. Èmi kò gbẹ́kẹ̀ lé etí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àṣìṣe kan náà ni à ń gbọ́ ní ọjà, nínú mọ́tò àti lórí rédíò, ó ti dùn létí wa. Àwọn mìíràn a túmọ̀ rẹ̀ padà sí Yorùbá. Ìyẹn ń tanni jẹ jù, torí gbólóhùn tó tẹ̀ lé ìlànà Yorùbá yóò padà sílé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá padà ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ láìkọsẹ̀ rárá, ó yẹ kí a fura sí i.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti gbólóhùn ìkẹyìn, kí a máa bọ̀ sókè. Ìtàn inú lẹ́tà kò ní í gbé wa sáré mọ́. Nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí a fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kí a bi í pé ta ló ṣe é, nígbà wo, ọ̀rọ̀ wo ló sì gbé àkókò náà. Lẹ́yìn náà kí a wo ẹni tó ṣe é bóyá iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ló wà. Ẹni tó ń múra ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì kò gbọ́dọ̀ kánjú fo èyí, torí pé máàkì 10 nínú 50 àròkọ wà fún ìpéye gbólóhùn àti sípẹ́lì, ìdajì máàkì sì ń lọ lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan wà tí ìyẹ̀wò yìí kò ní í mú. Ẹni tó dìde nílẹ̀ tó ń jáde lọ, tó wí pé “I’m coming”, ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì pé. “Mò ń bọ̀” wa ló wà lábẹ́ rẹ̀, àlejò láti Lọ́ńdọ̀nù yóò sì máa wò ó pé ibo ló tún ń lọ. Irú èyí kò sí nínú ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ètò ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ni kí a fún ní lẹ́tà náà kà, kí a sì ní kó sọ ohun tó yé e fún wa.