Ọwọ́ Ọmọ Lẹ́sẹ̀ Bàbá Àgbà

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa ba àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ jẹ́. Àwọn tó gùn jù ló sì kọ́kọ́ máa ń mú, ìyẹn àwọn tó lọ dé ìka ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àìmọ̀lára fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka, tí á wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tí èèyàn ń fà sókè. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn á máa ta á, á máa jó o lóru, oorun kò sì ní kùn ún. Ẹlòmíràn kò ní mọ nǹkan kan lára. Ẹni kejì yìí ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí kò sí ìrora tí yóò lé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Irú rẹ̀ ni ti bàbá télọ̀ kan n'Ìbàdàn, ẹni ọdún 74, tó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́. Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ló máa ń wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ nílẹ̀. Tó bá di àṣálẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì á wú, okùn sílípáàsì á ti fa ilà sí i. Ìyá àgbà ní òun yóò fi àdí wọ́ ọ, kí òun sì fi omi gbígbóná jó o. Aládùúgbò kan ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé bàbá tẹ oògùn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 14, ló rí ohun tí ojú àgbà kò rí. Nígbà tó ń ká ẹní ìrun bàbá, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà níbi tí ẹsẹ̀ máa ń wà. Ó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò, ó sì rí orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó ti gba ìdí sílípáàsì wọlé. Bàbá ti fi rìn lọ mọ́ṣáláṣí, ó sì ti fi rìn bọ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n yọ abẹ́rẹ́ náà, wọ́n fọ ojú rẹ̀, wọ́n sì fún bàbá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ìpá. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì pe ọmọ náà sún mọ́ tòsí láti kọ́ ọ ní ìdánwò kan tí kò gba irinṣẹ́ kankan. Ọsibítù ìlú Ipswich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gbé e jáde. Aláìsàn á di ojú. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á fi orí ìka ọwọ́ kan orí ìka ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ rìn ín, kò sì gbọdọ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kejì bí aláìsàn kò bá dáhùn. Ìka mẹ́fà péré ni wọ́n ń kàn: àtàǹpàkò, ọmọńdinrín àti ìka àárín ní ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì.

“Bàbá, ẹsẹ̀ wo ni mo fọwọ́ kàn?”

“Ọ̀tún.”

Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, bàbá dákẹ́. Ó kan òmíràn. “Ìyá mi, o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?” Nínú mẹ́fà, méjì péré ni bàbá mọ̀. Bí èèyàn kò bá ti mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dín kù, ó sì ti wà lára àwọn tí egbò lè bá lójijì. Ìdánwò yìí kò sọ ohun tó fà á, kò sì lè rọ́pò àyẹ̀wò dókítà. Àmọ́ ó jẹ́ kí bàbá gbà, ohun tí àlàyé ẹnu kò tíì lè ṣe.

Wíwú ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, kò sì yẹ kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ àìmọ̀lára. Àtọ̀gbẹ nìkan kọ́ ló ń wú ẹsẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó pẹ́, omi ara á sàn sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á sì wú. Bí ọkàn kò bá lágbára tó láti fa ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, ẹni náà á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Bí kíndìnrín bá ń jo, ìtọ̀ á máa hó. Oògùn gan-an lè fà á: amilodipíìnì, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, a máa wú ọrùn ẹsẹ̀. Nítorí náà ni dókítà fi yẹ ìtọ̀ bàbá wò, ó gbọ́ ìró ọkàn rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn inú ọ̀rá jáde. Amilodipíìnì wà níbẹ̀ lóòótọ́, dókítà sì fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fura sí oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ru sókè lójijì lè rọ èèyàn lápá rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Wọ́n tún kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń wo wíwú. Á fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ ojúgun lókè ọrùn ẹsẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè dìde, omi wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń tẹ̀ pọ̀, nítorí ìyàtọ̀ láàárín wọn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe jìn tó lọ. Ẹsẹ̀ méjì tó wú bákan náà, inú ara ni kí wọ́n ti wá ìdí rẹ̀. Ẹyọ kan tó wú, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni kí wọ́n wò. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí bàbá máa dìde rìn díẹ̀, kó sì máa gbé ẹsẹ̀ lé àpótí nígbà tó bá ń fọwọ́ ránṣọ. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má ra ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ lọ́jà, torí bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti dí, fífún yẹn lè gba ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ìka.

Ìtọ́jú alaalẹ́ wọn kò le. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń lò, ọmọ náà ló sì ń fi ìgúnpá dán an wò, nítorí ẹsẹ̀ bàbá kò lè sọ fún un bí omi bá gbóná jù. Wọ́n á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kíá. Wọn kò ní rẹ ẹ́ sómi, torí rírẹ máa ń jẹ́ kí awọ rọ̀, kó sì là. Aṣọ ìnura á dé àárín ìka kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni ìjà díẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, nítorí ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni bàbá ń ṣe àlùwàlá, àárín ìka rẹ̀ kì í sì í gbẹ. Awọ ibẹ̀ ti funfun, ó ti ń bó, ọ̀nà tí kòkòrò sì ń gbà wọ ara nìyẹn. Nínu omi kúrò lẹ́yìn àlùwàlá kò bà á jẹ́; aṣọ kékeré kan wá di ará ilé bútà. Òrí ni ọmọ náà fi ń pa gìgísẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀, torí iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ làágùn ti kú pẹ̀lú, awọ sì gbẹ. Kì í fi òrí sí àárín ìka. Awọ tó le tó sì nípọn, abẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Nọ́ọ̀sì ló ń bá wọn fá a.

Kó tó gbé ọpọ́n kúrò, á gbé fóònù sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, á ya àwòrán rẹ̀, á sì fi han bàbá. Àgbàlagbà tí kò lè tẹ̀ mọ́ yóò tipa bẹ́ẹ̀ rí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní àárọ̀, ó ń tẹ ọwọ́ bọ inú bàtà kí bàbá tó wọ̀ ọ́; nínú ilé télọ̀, abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló máa ń wà níbẹ̀. Lóru, bàbá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tó fẹ̀, nítorí eku ilé a máa jẹ ẹsẹ̀ tí kò mọ̀lára, olówó rẹ̀ kò sì ní jí. Àwọn dókítà ní Tànsáníà ti rí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lára àwọn alátọ̀gbẹ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ òsì wú ju ti ọ̀tún lọ. Kò sí egbò, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dun bàbá. Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀kan, ó kan ìkejì: ti òsì gbóná, ó sì pọ́n. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò wọ inú ẹran, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ìkẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ rí, kódà ó máa ń tan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jẹ. Egungun ẹsẹ̀ tí kò mọ̀lára lè máa rún wẹ́wẹ́ nígbà tí ẹni tó ni ín ń fi rìn lọ rìn bọ̀. Jean-Martin Charcot, dókítà ará Faransé, ló ṣàpèjúwe àrùn egungun yìí ní 1868 lára àwọn tí àtọ̀sí burúkú ti ba iṣan wọn jẹ́; ní 1936 ni wọ́n tó so ó mọ́ àtọ̀gbẹ. Bí wọ́n bá ń bá a rìn, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ á wó, àtẹ́lẹsẹ̀ á yọ síta, egbò á sì là síbẹ̀.

Nítorí náà, ìlànà rẹ̀ ni pé kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ má tẹlẹ̀ mọ́ títí dókítà yóò fi rí i, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé bàbá lọ. Ní ọsibítù, ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru fi hàn pé ẹsẹ̀ òsì fi ju 2°C lọ gbóná ju ọ̀tún lọ. Àwòrán ẹ́síréè kò fi nǹkan kan hàn. Ìyẹn kò sì tó láti dá wọn padà sílé, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà kì í hàn nínú ẹ́síréè. Wọ́n di ẹsẹ̀ náà mọ́ inú píọ́pì, ẹfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè bí wíwú ṣe ń fà. Ọ̀rọ̀ oṣù ni; ìgbà tí ooru ẹsẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba, tó sì dúró bẹ́ẹ̀, ni wọ́n tó ń tú u.

Lẹ́yìn píọ́pì, bàtà ló kù. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wọn ẹsẹ̀ bàbá, nígbà tó wú dé ibi tó máa ń wú dé. Ó dúró lórí pépà, ọmọ náà fi bírò tẹ̀ lé etí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì gé e. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí télọ̀: bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kó fi fífẹ̀ àtàǹpàkò kan kún un níwájú. Ní ọjà, wọ́n ti pépà náà bọ inú bàtà. Èyí tí pépà bá ti ká létí nínú rẹ̀, ó ti kéré. Wákàtí kan ni bàbá kọ́kọ́ wọ èyí tí wọ́n rà, kí ọmọ náà tó bọ́ ọ láti wá ibi tó pọ́n. Ibi tí pípọ́n rẹ̀ kò bá lọ láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, bàtà ń ha ibẹ̀, wọ́n á sì dá a padà fún oníbàtà.