Lẹ́tà Ayálégbé Tó Fẹ́ Gba Owó Kọ́ṣọ̀n Rẹ̀ Padà

Ká ní ayálégbé kan ní Súrùlérè san ₦200,000 owó kọ́ṣọ̀n. Lẹ́yìn ọdún 3 ó kó jáde, ₦60,000 péré ni onílé dá padà. Ó ní òun yọ ₦90,000 fún ọ̀dà, ₦35,000 fún síǹkì tó sán, àti ₦15,000 fún àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù.

Kí ayálégbé má fi ìbínú kọ lẹ́tà. Bó bá jẹ́ òun ló sọ kọ́kọ́rọ́ nù, kó gba ₦15,000 náà. Èyí ni yóò jẹ́ kí ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ onílé létí. Ní ti ọ̀dà, kó kọ ọ́ pé ọ̀dà tó ṣá láàárín ọdún 3 kì í ṣe ìbàjẹ́, gbígbé inú ilé ló fà á. Ní ti síǹkì, kó fi fọ́tò ọjọ́ tó kó wọlé hàn pé ó ti sán tẹ́lẹ̀. Láìsí fọ́tò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń le sí. Lẹ́yìn náà ni kó kọ iye tó kù: ₦125,000, pẹ̀lú ọjọ́ tó fẹ́ gbà á.

Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 fún ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún owó yìí, àti àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù 6. Kó béèrè fún un nínú lẹ́tà náà. Òfin yìí kò dé Ìkòyí àti Àpápá. Ìwé àdéhùn ni kí ará ibẹ̀ gbára lé. Kí ẹni tó gba lẹ́tà fọwọ́ sí ẹ̀dà rẹ̀, kó sì kọ déètì sí i.