Kí O Tó Fi Ẹ̀sùn Dátà Kan Ará Yàrá Rẹ

Ní yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin, ẹnì kan ló sábà máa ń ra dátà, tí àwọn yòókù á máa fi họ́tísípọ́ọ̀tù fóònù rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Bí dátà bá ti tán láìròtẹ́lẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ènìyàn ló jẹ ẹ́.

Kọ̀ǹpútà ni kí a kọ́kọ́ wò. Kọ̀ǹpútà oní-Windows kò mọ̀ pé owó ni o fi ra ohun tó ń bọ̀ láti inú fóònù. Wáí-fáí lásán ló kà á sí, nítorí náà á máa fa àtúnṣe ara rẹ̀ wọlé níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń ka ìwé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lọ sí Settings, Network & internet, Wi-Fi, tẹ orúkọ fóònù náà, kí o sì tan Metered connection. Èyí á dá ọ̀pọ̀ nínú àtúnṣe náà dúró. Kò ní dá fídíò tí ẹnì kan ń wò dúró o! Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó jẹ dátà, ojú ewé Data usage á fi orúkọ ètò kọ̀ọ̀kan hàn pẹ̀lú iye tó lò.

Lẹ́yìn náà, àwọn tó wọlé. Ẹni tí o fún ní páásíwọ́ọ̀dù lè fi í han ẹlòmíràn láti orí fóònù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ní ibi tí a ti ń fi òté lé iye ẹ̀rọ tó lè wọlé, nínú ètò họ́tísípọ́ọ̀tù gan-an. iPhone kò ní irú rẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù ni kí o pààrọ̀, kí o sì tún fún kìkì ẹni tó yẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó láti tú agbada dà. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé fídíò tó mọ́ dáadáa lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́ta, 9GB lọ nínú 10GB. Nítorí náà, fi òpin sí i. Lórí ọ̀pọ̀ Android, wá Data warning & limit, kí o tan Set data limit. Ẹ ṣọ́ra níbí: láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ìṣirò rẹ ni fóònù ti ń kà á. Bí o bá ti lo 4GB, tí o sì fẹ́ kí 1GB péré lọ lónìí, 5GB ni wàá kọ, kì í ṣe 1GB. Bó bá ti pé, dátà fóònù náà á kú pátápátá, títí kan tìrẹ. Ìwọ ni wàá tún un ṣí.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí tí dátà ṣì ń sá, ìgbà náà ni kí o pe ará yàrá rẹ jókòó.